Bí a ṣe ń kọ àbọ̀ ìwádìí fún ilé ẹjọ́ nígbà tí ìyá àti bàbá ń du ọmọ

Ìyá àti bàbá pínyà, wọn kò fẹnu kò lórí ẹni tí ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ wá dé iwájú adájọ́. Adájọ́ kò lè lọ jókòó sí pálọ̀ ẹnikẹ́ni, kò sì lè tẹ̀ lé ọmọ lọ sílé ìwé. Ìdí nìyí tó fi ń rán òṣìṣẹ́ kan jáde pé kó lọ wádìí, kó sì wá kọ àbọ̀ lórí ohun tó máa ṣe ọmọ náà lóore jù. Òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ibi tó le jù nínú iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ gbájú mọ́: ọmọ tó ní òun ò lọ sọ́dọ̀ òbí kan mọ́. Ibẹ̀ ni ojúsàájú ti máa ń yọ́ wọlé, ibẹ̀ náà la ti máa ń kọ ohun tí a kò mọ̀ bí ẹni pé a mọ̀ ọ́n.

Ẹjọ́ kan ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo hun ún pọ̀ fún àlàyé yìí ni, kì í ṣe ẹjọ́ ẹnì kan pàtó. Ọmọbìnrin ọdún méje ni ọmọ náà. Ó ti lé ní ọdún kan tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ti pínyà. Ọ̀dọ̀ ìyá ló ń gbé, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló sì yẹ kó máa lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ọmọ ti ń kọ̀. Ìyá ní bàbá ju ife mọ́ ọmọ lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rù ló sì ń bà á. Bàbá ní ife bọ́ lọ́wọ́ òun ni, àti pé ìyá ló ń kọ́ ọmọ ní ohun tó ń sọ. Ìbéèrè tí ilé ẹjọ́ fi rán yín ni pé: ṣé kí ìbẹ̀wò òpin ọ̀sẹ̀ máa bá a lọ, bó bá sì máa bá a lọ, ọ̀nà wo ni kó gbà?

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ di ìbéèrè adájọ́ mú

Ẹ da ìbéèrè yẹn kọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ àbọ̀ yín, gẹ́lẹ́ bí adájọ́ ṣe kọ ọ́. Gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn náà, òun ni kó máa dáhùn. Nínú ẹjọ́ yìí, wọn kò ní kí ẹ wá sọ èwo ló dára jù nínú ìyá àti bàbá. Wọn kò sì ní kí ẹ wá dájọ́ ọ̀rọ̀ ife. Adájọ́ ló máa gbọ́ ẹ̀rí tọ̀tún tòsì, tí yóò sì sọ ohun tó gbà pé ó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Tiyín ni láti sọ bí ọmọ ṣe wà, ohun tó nílò, àti ohun tí ètò ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan lè ṣe fún un tàbí kó ṣe sí i. Òṣìṣẹ́ tó bá ti dá ẹjọ́ ife nínú ọkàn rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kò sí ohun tó máa rí lẹ́yìn náà tí kò ní dà bí ẹ̀rí pé òótọ́ lòun ń rò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ohun tí òfin ibi tí ẹ wà ní kí a gbé yẹ̀ wò nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ire ọmọ, nítorí òfin ibẹ̀ ni adájọ́ yóò fi ṣe òṣùwọ̀n. Ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ dúró lé ni Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 1989. Abala 3 rẹ̀ ní kí ire ọmọ wà lára ohun tó ga jù nínú gbogbo ìpinnu tó kàn án. Abala 12 ní kí a gbọ́ ohùn ọmọ, kí a sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ṣe tó. Ní ọdún 2013, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àdéhùn yìí to ohun tó yẹ ká wò lẹ́sẹẹsẹ: èrò ọmọ fúnra rẹ̀, irú ẹni tí ọmọ jẹ́, ìdílé àti àjọṣe inú rẹ̀, ààbò, ipò tó lè mú kí ọmọ tètè fara gba ìpalára, ìlera, àti ẹ̀kọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa wúwo bákan náà nínú ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹjọ́ yìí, àjọṣe, ààbò àti èrò ọmọ ló gba iwájú. Ìpínrọ̀ kúkúrú kan ti tó fún ìlera àti ẹ̀kọ́ bí kò bá sí ìyọnu níbẹ̀.

Ohun kan wà tó ga ju ètò iṣẹ́ yín lọ. Bí ọmọ bá sọ ohun tó jọ pé ẹnì kan ń fìyà jẹ ẹ́ tàbí ń bá a ṣe ìṣekúṣe, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tiyín. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ọmọ ṣe sọ ọ́, kí ẹ fi tó àwọn tí òfin yàn láti dáàbò bo ọmọ létí lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kí ilé ẹjọ́ mọ̀. Bákan náà, ẹ má pe ìyá àti bàbá jókòó pọ̀ kí ẹ tó bi olúkúlùkù lọ́tọ̀ bóyá ìwà ipá wà láàárín wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ohun tí ẹ bá ṣe fún ọ̀kan, ẹ ṣe é fún èkejì

Iye ìgbà kan náà, àkókò kan náà, ìbéèrè kan náà. Bí ẹ bá lọ sílé ìyá nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé, ẹ lọ sílé bàbá ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ní alẹ́ nígbà tó ti rẹ ọmọ. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ sọ fún olúkúlùkù pé ohun tó bá bá yín sọ kì í ṣe àṣírí, ó lè wọ inú àbọ̀, ẹnì kejì yóò sì kà á.

Ìbéèrè méjì wà tí n kì í fo. Èkíní: ẹ sọ bí ọjọ́ kan ṣe ń lọ fún ọmọ yìí láti ìgbà tó bá jí títí di ìgbà tó bá sùn. Òbí tó mọ ọmọ rẹ̀ á sọ ibi tí ó ti máa ń ṣagídí, ohun tí kì í jẹ, ẹni tí ó ń bá ṣeré. Èkejì: kí ni ẹnì kejì yín ń ṣe dáadáa fún ọmọ yìí? Ẹ kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Nínú ẹjọ́ tiwa, ìyá ní, “Ó máa ń ní sùúrù bó bá ń kọ́ ọ ní ìṣirò.” Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Kì í jẹ́ kó pẹ́ délé ìwé.” Ìdáhùn méjèèjì wúlò fún adájọ́, nítorí ẹnu alátakò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde.

Ìpè fóònù ni òbí kan sábà máa ń fi fà yín sọ́dọ̀ ara rẹ̀, nígbà míì láìmọ̀. Ìyá lè máa pè lójoojúmọ́, bàbá lè má pè rárá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun tí ẹ gbọ́ lórí fóònù di ẹ̀rí tí ẹnì kejì kò ní àǹfààní láti fèsì sí. Ẹ ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́, kí ẹ fi han ẹnì kejì, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀. Kí ẹ máa to gbogbo ìpàdé sórí ìwé kan: ọjọ́, ẹni tí ẹ rí, ibi tí ẹ ti rí i, bó ṣe pẹ́ tó. Ìwé yìí yóò wà ní ìparí àbọ̀. Bí kò bá dọ́gba, ẹ sọ ọ́ gbangba. Nínú ẹjọ́ yìí, a dé ilé ìyá lẹ́ẹ̀mejì ṣùgbọ́n a dé ilé bàbá lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí wọ́n yí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ padà. Kì í ṣe ẹ̀bi bàbá, kò sì gbọdọ̀ dà bí ẹni pé òun ló sá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bá ọmọ sọ̀rọ̀ láì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu

Ẹ pàdé ọmọ ní ibi tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni nínú wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì. Kí ìyá mú un wá lẹ́ẹ̀kan, kí bàbá mú un wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ ẹni tó mú un wá sílẹ̀, kí ẹ sì bi ọmọ ní ohun tí wọ́n sọ fún un nípa ìdí tó fi wá. Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ti gbọ́ kó tó jókòó.

Ẹ kọ́kọ́ fún un láyè láti sọ pé òun kò mọ̀. “Bí mo bá bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, sọ pé o ò mọ̀. Bí mo bá ṣì ọ́ gbọ́, sọ fún mi.” Ẹ dán an wò: “Kí ni orúkọ ajá mi?” Bó bá ní òun ò mọ̀, ẹ ní ó dára bẹ́ẹ̀. Bó bá dá orúkọ kan sílẹ̀, ẹ tún òfin náà sọ fún un kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Lẹ́yìn náà, ìbéèrè tó ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ máa lò. “Sọ bí òpin ọ̀sẹ̀ ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ bàbá rẹ fún mi.” “Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?” Ẹ kò gbọdọ̀ bi í pé, “Ṣé bàbá rẹ ju ife mọ́ ọ?” Ọmọdé sábà máa ń fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá irú ìbéèrè yẹn lóhùn, kódà nígbà tí kò dá a lójú, nítorí ó rò pé ìdáhùn ni àgbàlagbà ń fẹ́. Bí ẹ bá tún un bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó lè yí i padà, torí ó gbà pé èyí tí òun kọ́kọ́ sọ kò dára. Ẹ má sì bi í pé ta ló fẹ́ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ti gbé ẹrù àgbàlagbà lé e lórí nìyẹn, kò sì sí bí yóò ṣe dáhùn tí kò ní dà bí ẹni pé ó da ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ ife jáde láti ẹnu ọmọ fúnra rẹ̀ ní ìpàdé kìíní, tí ìyá mú un wá. Ó ní, “N ò fẹ́ lọ mọ́, nítorí ife.” Bí a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí, ìbéèrè àti ìdáhùn:

“O dárúkọ ife. Sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi.”
“Ife fọ́. Dádì pariwo gan-an. Mo sá lọ sínú yàrá.”
“Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”
“Dádì gbálẹ̀. Ó wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n má bínú.”

Ní ìpàdé kejì, tí bàbá mú un wá, ó tún un sọ bákan náà, ó sì fi kún un pé, “Mọ́mì ní Dádì ò kún ojú òṣùwọ̀n láti tọ́ ọmọ.” Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni gbólóhùn yìí, ọmọ náà sì sọ ibi tí òun ti gbọ́ ọ. Ó fi hàn pé ìyá ń sọ̀rọ̀ bàbá láìdáa níbi tí etí ọmọ ti ń gbọ́. Kò fi hàn pé ìyá ló kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ ife. Ohun ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí agbẹjọ́rò ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan sọ èkejì di òótọ́.

Kí ìpàdé tó parí, ẹ bi ọmọ ní ohun tó fẹ́ kí adájọ́ mọ̀, àti bóyá ohun kan wà tí ẹ̀rù ń bà á pé kí ìyá tàbí bàbá kà. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ máa fi pamọ́. Ẹ sọ fún un pé ẹ máa bi adájọ́ léèrè ohun tí ẹ lè ṣe nípa rẹ̀, kí ẹ sì bi í lóòótọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan máa sọ ibi tó ti wá

Ohun tí mo rí, ohun tí wọ́n sọ fún mi, ohun tí mo kà, ohun tí mo rò. Ẹ kò gbọdọ̀ po mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ nínú gbólóhùn kan. Ẹ wo èyí:

“Ẹ̀rù bàbá ń ba ọmọ gidigidi, nítorí bàbá ju ife mọ́ ọn.”

Gbólóhùn kan yìí ti dá ẹjọ́, ó ti sọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ, ó sì ti so méjèèjì pọ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

“Ní ìpàdé kìíní, ọmọ sọ pé: ‘Ife fọ́. Dádì pariwo gan-an. Mo sá lọ sínú yàrá.’ Ọmọ kò sọ bí ife ṣe fọ́, n kò sì bi í. Ìyá sọ pé bàbá ju ife náà mọ́ ọmọ. Kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Ó ní ẹnu ọmọ lòun ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì. Bàbá sọ pé ife bọ́ lọ́wọ́ òun, ó sì sọ pé òun pariwo. N kò rí ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀.”

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n adájọ́ lè lò ó. Ó rí i pé àríyànjiyàn kò sí lórí ariwo, pé orí bí ife ṣe fọ́ ni àríyànjiyàn wà, àti pé ọ̀rọ̀ tí ìyá gbọ́ lẹ́nu ọmọ yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ sọ fún òṣìṣẹ́.

Bákan náà ni ohun tí ẹ bá fojú rí. Ẹ má kọ pé “ọmọ fẹ́ràn ìyá ju bàbá lọ”. Ẹ kọ pé nílé bàbá, ọmọ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì bọ́ bàtà, lẹ́yìn náà ó lọ fa àpótí ìwé àwòrán rẹ̀ jáde lábẹ́ àga, ó sì ní kí bàbá wá bá òun kun àwọ̀ sí i. Ẹni tó bá ka èyí á rí ìfàsẹ́yìn, á sì rí ìsúnmọ́ra, láì jẹ́ pé ẹ bá a yan ọ̀kan.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tí ẹ ń lò. “Sọ” kò ṣègbè. “Jẹ́wọ́” ti sọ ẹni náà di ọ̀daràn, “ṣàwáwí” ti pè é ní òpùrọ́. Bí ẹ bá pe bàbá ní “wọ́n” láti bu ọ̀wọ̀ fún un, ẹ má pe ìyá ní “ó”. Mo ti ka àbọ̀ tó jẹ́ pé ìyàtọ̀ yìí nìkan ló tú ẹni tí òṣìṣẹ́ ń gbè fún síta.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbé àlàyé ju ẹyọ kan lọ wò

Ọmọ ń kọ̀ láti lọ. Kí ló fà á? Ó lè jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ ife. Ó lè jẹ́ ohun tí ìyá ń sọ. Ó sì lè jẹ́ pé àkókò tí wọ́n ń fà á lé ara wọn lọ́wọ́ ni kò fẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìyá àti bàbá ti máa ń jà. Ẹ kọ àlàyé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ wá bi ara yín: bó bá jẹ́ pé èyí ni òótọ́, kí ló yẹ kí n rí?

A lọ wo àkọsílẹ̀. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, òpin ọ̀sẹ̀ 12 ló yẹ kí ọmọ lọ. Bàbá lọ mú un nílé ìwé ní ìgbà 5, ó sì lọ mú un lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá ní ìgbà 7. Ọmọ kò kọ̀ rí nílé ìwé. Ẹnu ọ̀nà ilé ìyá ni gbogbo kíkọ̀ ti wáyé, ìgbà 5 nínú 7. Bí a bá dúró síbẹ̀, a ó kọ ọ́ tìdùnnú-tìdùnnú pé ibi tí wọ́n ti ń gbé ọmọ fún ara wọn ló fà á, ọ̀rọ̀ sì parí.

Kò tíì parí. Nígbà tí a to ọjọ́ wọn, a rí i pé 4 nínú 5 tilé ìwé ti wáyé kí ọ̀rọ̀ ife tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ife, òpin ọ̀sẹ̀ 6 ló wà: 1 nílé ìwé, 5 nílé ìyá, ọmọ sì kọ̀ ní 4 nínú 5 yẹn. Ibi àti àsìkò yí padà pọ̀ ni. Àkọsílẹ̀ yìí kò lè dá wọn yà fún wa. Òpin ọ̀sẹ̀ méjì péré ló sọ ohun tó yàtọ̀: ìgbà kan tí ọmọ kọ̀ nílé ìyá kí ọ̀rọ̀ ife tó ṣẹlẹ̀, àti ìgbà kan tó bá bàbá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ilé ìwé lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá sì ní ara ọmọ gbóná lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dárúkọ yẹn. Ó ku ẹyọ kan.

Bí a ṣe kọ ọ́ nìyí: “Àkọsílẹ̀ náà bá a mu pé ibi tí wọ́n ti ń gbé ọmọ fún ara wọn wà lára ohun tó fa kíkọ̀. Ó sì bá a mu pé ọ̀rọ̀ ife ló fà á. N kò lè fi àkọsílẹ̀ yìí nìkan yan ọ̀kan. Ìwé ilé ìwé ni mo fi mọ àwọn ọjọ́ tilé ìwé. Ìwé tí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni mo fi mọ àwọn ọjọ́ tí ọmọ kọ̀; bàbá ka ìwé náà, kò sì jiyàn ọjọ́ kankan níbẹ̀.”

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí ààlà ẹ̀rí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó kàn

Àṣà tí kò dára ni kí a kó gbogbo ààlà ẹ̀rí sí ìpínrọ̀ kan lẹ́yìn àbọ̀, pé àkókò kò tó, pé òṣìṣẹ́ kò rí gbogbo nǹkan. Kò sẹ́ni tó ń kà á. Ààlà kọ̀ọ̀kan níláti dúró ti ohun tó ń dín kù, kó sì sọ bó ṣe ń dín in kù. “Mo dé ilé bàbá lẹ́ẹ̀kan péré” kò tíì parí. Ẹ fi kún un pé: “nítorí náà n kò mọ̀ bóyá ìdúró ọmọ lẹ́bàá ilẹ̀kùn jẹ́ bó ṣe máa ń ṣe níbẹ̀, tàbí nítorí pé àlejò wà.” Ẹni tí a ń wò kì í hùwà bí ìgbà tí a kò wò ó, òbí àti ọmọ, kí ẹ sọ ìyẹn fún ilé méjèèjì, kì í ṣe fún ọ̀kan.

Àwọn ohun kan wà tí irú ìwádìí yìí kò lè sọ rárá. Wákàtí kan nílé ẹnì kan kò lè sọ bí ìfà ọkàn tó wà láàárín ọmọ àti òbí ṣe jinlẹ̀ tó. Ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn ọpọlọ kò lè pe òbí ní alárùn ọpọlọ. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún àwọn orúkọ tí àwọn agbẹjọ́rò fẹ́ràn láti pe ìwà ìyá tàbí bàbá tó ń yí ọmọ lọ́kàn padà sí ẹnì kejì. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sí lára àrùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sílẹ̀ nínú ìwé àrùn rẹ̀. Ẹ kọ ìwà tí ẹ rí tàbí tí wọ́n ròyìn fún yín, kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Ìwádìí àwọn onímọ̀ lórí ọ̀pọ̀ ọmọ náà wúlò láti mọ ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kan yìí.

Mo máa ń túmọ̀ bí ohun kan ṣe dá mi lójú tó ní ojú ìwé kejì, mo sì máa ń lo ọ̀rọ̀ kan náà jálẹ̀. “Ó dá mi lójú” ni ohun tí mo fojú rí tàbí tí tọ̀tún tòsì gbà. “Ó jọ pé” ni ohun tí ó kéré tán ẹ̀rí méjì láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tọ́ka sí. “N kò lè sọ” ni ìyókù, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ fi ìyá sí ipò bàbá

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ tún àbọ̀ náà kà, kí ẹ máa fi “bàbá” rọ́pò “ìyá” àti “ìyá” rọ́pò “bàbá”. Ká ní ìyá ló pariwo tí ife sì fọ́, ṣé ẹ ó kọ “pariwo gan-an” tàbí ẹ ó kọ “ọ̀rọ̀ sú u”? Ká ní bàbá ló ń sọ̀rọ̀ ìyá láìdáa létí ọmọ, ṣé ìlà kan ni ẹ ó fi sọ ọ́ tàbí odindi ìpínrọ̀? Gbólóhùn tó bá dún lódì nígbà tí ẹ pààrọ̀ wọn, òun ni kí ẹ tún kọ. Ẹ tún wo ẹni tí ìtàn rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, nítorí ìtàn tí a bá kọ́kọ́ gbọ́ ni a máa ń fi wọn èkejì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ dábàá láì gba iṣẹ́ adájọ́

Nítorí pé ẹ kò mọ bí ife ṣe fọ́, ẹ má dábàá bí ẹni pé ẹ mọ̀. Ẹ kọ ìmọ̀ràn yín sí ọ̀nà méjì.

Bí ilé ẹjọ́ kò bá rí i pé bàbá ju ife náà: kí òpin ọ̀sẹ̀ máa bá a lọ, kí bàbá máa mú ọmọ nílé ìwé lọ́jọ́ Ẹtì, kó sì dá a padà síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ìyá àti bàbá má bàa pàdé níwájú rẹ̀. Ẹ sọ àbùkù ètò náà pẹ̀lú: nígbà ìsinmi ilé ìwé kò ní ṣeé ṣe, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti fẹnu kò lórí ibòmíràn kí ìsinmi tó dé.

Bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó jù ú: kí ìbẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán nìkan, kí ẹnì kan tí ilé ẹjọ́ yàn wà níbẹ̀, kí bàbá gba ìrànwọ́ lórí ìbínú, kí a tó ronú nípa sísùn síbẹ̀. Àbùkù tirẹ̀ ni pé ó lè mú kí àjọṣe ọmọ àti bàbá rẹ̀ tutù bó bá pẹ́ jù.

Ohun tó wà nínú méjèèjì ni ohun tí àríyànjiyàn kò sí lórí rẹ̀. Bàbá gbà pé òun pariwo, ariwo náà sì lé ọmọ wọ yàrá, nítorí náà kí ó rí olùgbaninímọ̀ràn kan lórí bí yóò ṣe bá ọmọ sọ ọ́ láì ní kó dárí ji òun. Kí ìyá má sọ̀rọ̀ bàbá níbi tí etí ọmọ ti ń gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má bi ọmọ léèrè nípa ife mọ́. Kí ilé ẹjọ́ tún ètò náà yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti gbé ọmọ fún ara wọn lójoojúmọ́ ìbẹ̀wò. Bí ọmọ bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ilé ìwé ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, a ó ní ẹ̀rí tí kò sí lọ́wọ́ wa báyìí. Bó bá ṣì ń kọ̀ níbẹ̀ náà, ìyẹn ẹ̀rí ni pẹ̀lú.

Ẹ fi àbọ̀ ránṣẹ́ sí ilé ẹjọ́ ní ọ̀nà tí àṣẹ rẹ̀ là sílẹ̀, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ fọwọ́ kọ nígbà tí ọmọ ń sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n lè ní kí ẹ mú un wá. Bí òbí kan bá pè yín lẹ́yìn náà pé nǹkan tuntun ti ṣẹlẹ̀, ẹ má tún àbọ̀ kọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ kọ àfikún olójú ìwé kan tó ní ọjọ́ tirẹ̀, kí ẹ sọ ẹni tó sọ ọ́ àti ohun tí ẹnì kejì fi fèsì, kí ẹ sì sọ bóyá ó yí ìmọ̀ràn yín padà tàbí kò yí i.